Ẹ̀gbẹ́ Òsì Ò Sọ̀rọ̀

Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ òsì kọ̀ tí kò sọ̀rọ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo lù ú. Mo gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí a ti máa ń gbá ìdí rédíò nígbà tí a wà lọ́mọdé, mo sì tún un kì bọ etí. Kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀. Oníwàásù òwúrọ̀ ń ka Bíbélì níbẹ̀ geere, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Mo wo fóònù mi. Fóònù ní yíàpíìsì ti so mọ́ òun, kò sí wàhálà kankan. Mo bú u. Olùkọ́ ni mí, mi ò sì fẹ́ràn ẹni tó máa ń sọ pé òun ti ṣe iṣẹ́ tí kò ṣe.

Yíàpíìsì tí kò lókùn ni. Méjì ni wọ́n, kò sí èyí tó gùn tó àtàǹpàkò nínú wọn, inú àpótí funfun kékeré kan ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gba iná. Ọmọ wa obìnrin tó wà lókè òkun ló fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé. Ó ní kí èmi àti ìyá rẹ̀ máa lò ó. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ẹ wò ó, ẹni méjì, etí mẹ́rin, ọmọ yín ra ti etí méjì." Ni a bá pín in. Òun mú òsì, èmi mú ọ̀tún. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ní Inísà, a ó jókòó sórí àga gígùn inú pálọ̀, a ó máa gbọ́ ìwàásù kan náà. Kò sí okùn kankan tó dè wá pọ̀, síbẹ̀ a máa ń jókòó kí èjìká kan èjìká. Bí oníwàásù bá sọ ọ̀rọ̀ tó bá mi wí, yóò fi ìgúnpá gún mi.

Ẹsẹ̀ ìyàwó mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Lẹ́yìn náà, àárẹ̀ tí kò níran. Mo máa ń jáde lọ sílé ẹ̀kọ́ ní Òkukù láàárọ̀, n óo fi í sílẹ̀ lórí ibùsùn, aládùúgbò wa a sì máa wọlé wá wò ó lọ́sàn-án. Bí mo bá dé, n óo béèrè pé kí ló ṣe látàárọ̀. Yóò ní òun sùn ni. Mo gbà á gbọ́. Bí ó ṣe lọ nìyẹn, ní oṣù kan tí òjò kò tíì fìdí múlẹ̀, a sì sin ín sí ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ igi ọsàn.

Mo ti àpótí funfun náà mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì. Ó tó ọdún kan tí mi ò ṣí i. Fóònù ìyàwó mi ni mi ò lè tì mọ́ ibì kankan. Mo gbé e sórí pẹpẹ tó wà nínú pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí tó fi máa ń wé gèlè, mo sì ń fún un níná. Bí iná bá wà, mo fi í sí i. Bí iná ò bá sí fún ọjọ́ mẹ́ta, mo gbé e lọ sílé aládùúgbò tó ní ẹ̀rọ oòrùn. Láti ọjọ́ tó ti kú, fóònù yẹn kò kú rí. Mi ò lè ṣí i, ó fi pátánì tì í, kò sì sọ pátánì náà fún mi, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà kò béèrè. Ẹni tó bá rò pé mo ya wèrè, kó máa rò bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ń san owó iná.

Ìdí tí mo fi padà mú yíàpíìsì náà jáde ni ilé. Mi ò mọ bí n óo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò dá gbé rí. Ilé tí ẹnì kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀ máa ń pariwo. Páànù ń dún, omi ń kán sínú garawa, ìlẹ̀kùn yàrá kan ń ṣí fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́ kí nǹkan dí etí mi méjèèjì. Mo fún un níná, mo jókòó sórí àga gígùn láàárọ̀, mo kì wọ́n bọ etí, òsì sì dákẹ́. Ọ̀tún ń gbọ́ ìwàásù, òsì ń gbọ́ ilé. Inú bí mi gan-an ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni fóònù ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í tàn.

Láàárọ̀ ni. Bí mo bá ti jókòó, tí mo mú yíàpíìsì, n óo kàn rí i tí ojú fóònù orí pẹpẹ yóò mọ́lẹ̀, ìwé kékeré kan yóò yọ níbẹ̀, kí n tó wá awò ojú mi kàn, ó ti kú padà. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ẹ̀rù bà mí. Lọ́jọ́ kejì, mo ń retí rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin tàbí karùn-ún, mo kí i. Mo ní, "O jí ire bí?" Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí, bàbá mi jẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò gbà pé òkú ń tan iná fóònù. Mi ò sọ fún pásítọ̀, mi ò sọ fún ọmọ mi. Mo kàn ń kí i láràárọ̀ ni, inú mi sì ń dùn. Olùkọ́ ìṣirò ni mí o. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti so ohun méjì pọ̀, èmi fúnra mi kò so ohun méjì yìí pọ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo gbé yíàpíìsì lọ sí Ìkìrun. Ọ̀dọ́bìnrin kan wà nítòsí gáréèjì tó ń tún fóònù ṣe, ó máa ń fi ìbòrí dúdú borí, ọwọ́ rẹ̀ yá, gbogbo ènìyàn ló ń pè é ní Ẹnjiníà. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ẹnjiníà, ẹ̀gbẹ́ òsì ò sọ̀rọ̀."

Ó ní, "Ẹ jókòó, sà. Ṣé àwọn méjèèjì ló ń gbà ṣáájì?"

Ó yí òsì sódì, ó fi hàn mí pé irin wúrà tíntìntín méjì wà nídìí rẹ̀, méjì sì wà nínú ihò àpótí tó ń jókòó sí. Bí ìdọ̀tí bá bo irin yẹn, yóò jókòó sínú àpótí títí láé, kò ní gba iná, ẹni tó ni ín yóò rò pé ó bàjẹ́. Ó fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ó tún fi sípíríìtì díẹ̀ kan án. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbọn ojú ihò tí ohùn ń gbà jáde, èérí etí sì bọ́ síbẹ̀. Ojú tì mí. Lẹ́yìn náà, ó wọ inú ètò fóònù mi, ó wá ibi tí wọ́n ti ń pín ohùn sí òsì àti ọ̀tún, ó ní àwọn ènìyàn máa ń ṣèèṣì fà á sápá kan láìmọ̀. Tèmi wà láàárín gan-an. Ó kó wọn jáde, ó fún mi. Òsì sọ̀rọ̀. Ọ̀tún sọ̀rọ̀. Mo dúpẹ́, mo wọ ọkọ̀ padà sí Inísà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òsì dákẹ́.

N kò ní purọ́, ohun tí mo rò sí ọmọ yẹn kò dára. Mo ní ó lù mí ní jìbìtì. Ní Sátidé kejì, mo gúnlẹ̀ sí Ìkìrun kí ó tó gbálẹ̀ ìsọ̀ tán. Mo gbé àpótí kalẹ̀ níwájú rẹ̀ gbàgà. "Iṣẹ́ tí o ṣe nìyí!" Ó ṣí i, ó fi sétí ara rẹ̀, ó wò mí. Ó ní, "Sà, méjèèjì ló ń sọ̀rọ̀." Mo gbà á, mo kì í bọ etí. Méjèèjì ló ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Obìnrin kan tó wá gba fóònù rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu kí n má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀. Ẹnjiníà ní kí n jókòó sí ìsọ̀ òun kí n máa gbọ́ ọ. Mo jókòó fún wákàtí kan bí ọmọ tí wọ́n ní kó kúnlẹ̀. Òsì kò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ó ní, "Àbí ẹ ní ẹ̀rọ mìíràn nílé tó ń lo Bùlútúùtù? Tẹlifíṣọ̀n, kọ̀ǹpútà, fóònù míì?"

Mo ní rárá. Èmi nìkan ni mo wà nílé. Mi ò tilẹ̀ rántí ohun tó wà lórí pẹpẹ. Fóònù kọ́ ni nǹkan yẹn jẹ́ sí mi mọ́.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e ni mo gbọ́ ọ. Mo jókòó láàárọ̀, ìwàásù ń lọ lápá ọ̀tún, òsì dákẹ́ bíi tàtẹ̀yìnwá. Lójijì, nǹkan dún "tín" nínú etí òsì. Mo dì mú àga. Mo gbójú sókè, fóònù ìyàwó mi ti mọ́lẹ̀ lórí pẹpẹ, ìwé kékeré kan wà lójú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, awò wà lójú mi. Ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló kọ̀wé sí i, wọ́n ní kó wá ra dátà. Ìwé náà wọlé sórí fóònù rẹ̀, ó sì dún nínú etí mi. Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ lára ni pé mi ò fẹ́ mọ ohun tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀.

Ní Sátidé, mo fi fóònù náà sí àpò àyà mi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó kúrò ní Inísà láti ìgbà tí a ti gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Nínú ọkọ̀, mo fi ọwọ́ bo àpò yẹn títí a fi dé Ìkìrun. Mo gbé e sórí tábìlì Ẹnjiníà. Ó wò ó, ó ṣí àpótí funfun, ó mú àwọn méjèèjì jáde. Ojú fóònù mọ́lẹ̀ níwájú wa. Ó kì wọ́n bọ etí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó rí ìdáhùn ìṣirò.

"Òsì ti dákẹ́. Sà, ó ti tán. Ibí ló ń lọ."

Ó fà mí sún mọ́ tábìlì. Ó ní, "Ẹ wò ó. Irú tiyín yìí, bí ìbejì ni wọ́n. Tí ẹ bá mú wọn jáde, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wá ara wọn, lẹ́yìn náà kí wọ́n wá jọ bá fóònù yín sọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹnì kan ti mú òsì nìkan, ó ti fi so mọ́ fóònù yìí. Òsì ti ń rántí ẹ̀. Tí fóònù yìí bá wà nítòsí, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló máa ń sáré lọ, kò ní dúró de ọ̀tún mọ́. Tí fóònù yìí ò bá sí nítòsí, kò rí ibi lọ, á padà sọ́dọ̀ èkejì ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, tí kì í ṣiṣẹ́ nílé yín. Fóònù yín ń sọ pé ó ti so mọ́ òun, kò purọ́. Ọ̀tún ló so mọ́ ọn."

Mo ní, "Iná tó ń tàn lójú rẹ̀ ńkọ́?"

"Fóònù yìí ló ń sọ pé òun ti rí yíàpíìsì, sà. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti ṣí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló máa tàn."

Ẹ̀rọ ni mo ń kí láràárọ̀. Mo ń bi yíàpíìsì léèrè bóyá ó jí ire.

Ẹnjiníà kò mọ ohun tó ń lọ nínú mi. Ó ń sọ tirẹ̀ lọ. Ó ní ẹni tó lò ó yìí lò ó dáadáa, torí pé yíàpíìsì kì í di mọ́ fóònù bẹ́ẹ̀ yẹn bí kò bá jẹ́ pé lójoojúmọ́ ni wọ́n ń so ó mọ́ ọn. Ó ní, "Àwọn tó ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sùn ló sábà máa ń ṣe é. Etí kan wà lórí ìrọ̀rí, wọ́n á fi ọ̀kan sí èyí tó wà lókè."

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìyàwó mi kì í sùn. Gbogbo ọ̀sán tí mo fi wà ní Òkukù, tí mo ń kọ ìdá àti ìdá ọgọ́rùn-ún sójú pátákó, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí ibùsùn, ó fi òsì sétí, ó ń wá ohùn ènìyàn gbọ́. Ilé yẹn ń pariwo fún òun náà. Bí mo bá dé, yóò dá a padà sínú àpótí, yóò sì sọ fún mi pé òun sùn ni, kí ọkàn mi má bàa dàrú. Ó dùn mí. Ó dùn mí ju ọjọ́ ìsìnkú lọ, torí ní ọjọ́ ìsìnkú, mo rò pé mo ti mọ gbogbo ohun tó jẹ ẹ́ níyà.

"Fóònù ta ni, sà?"

"Ti ìyàwó mi."

"Ẹ ní kí Màmá bá wa ṣí i, ká yọ yíàpíìsì kúrò níbẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ni."

"Ó ti kú."

Ọmọ náà dìde lórí àpótí ìjókòó rẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ọlọ́hun á fi ọ̀run kẹ́ wọn." Mo ní àmín. Ó jókòó padà, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbìyànjú láti pa Bùlútúùtù fóònù náà láìṣí i, fóònù béèrè pátánì. Ó ní ọ̀nà méjì ló kù. Kí n pa fóònù náà pátápátá, àmọ́ ọjọ́kọ́jọ́ tí mo bá tan án ni òsì yóò tún máa sáré lọ bá a. Tàbí kí a tún yíàpíìsì fúnra rẹ̀ tò láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó gbàgbé gbogbo fóònù tó ti mọ̀ rí.

"Ìyẹn ló dára jù," ó ní. "Àmọ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Tó bá ti gbàgbé, a ò lè so ó mọ́ fóònù Màmá mọ́, torí àfi ká ṣí fóònù ká tó lè so nǹkan tuntun mọ́ ọn. Kò ní tàn mọ́."

Ó na ọwọ́ sí àpótí funfun náà, bóyá kí ó kàn fi hàn mí ni. Mo já a gbà. Mo pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ láàárín gáréèjì. "Ta ló ní kí o fọwọ́ kàn án? Ta ló rán ọ níṣẹ́?" Mo kó fóònù, mo kó àpótí, mo jáde. Mo ti wọ ọkọ̀ kí n tó mọ̀ pé awò ojú mi ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ru àgbàdo tútù lọ bẹ̀ ẹ́. Kò jẹ́ kí n parí ẹ̀bẹ̀. Ó fún mi ní awò mi, ó ti fi aṣọ wé e, ó sì fa ìwé kan ya, ó kọ bí wọ́n ṣe ń tún yíàpíìsì tò sínú rẹ̀. Ó ní ìgbà tó bá wù mí ni kí n ṣe é, ó sì lè máà wù mí náà.

Kò wù mí. Wàyí o, mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ìyàwó mi ló ń tan iná, kí ẹ sì wá wo ìwà àgbàlagbà: mo ń ṣí àpótí náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ṣí i, fóònù tàn. Mo dá wọn padà, mo pa á dé, mo tún un ṣí, fóònù tàn. Láàárọ̀, kí n tó wẹ̀. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí n tó bọ́ bàtà. Mi ò gbọ́ ìwàásù mọ́ rárá. Oúnjẹ ń jó lórí iná. Mo pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ ń ṣe ìdánwò ìṣirò, ìwé ìbéèrè wà nínú báàgì mi nílé. Mo jókòó, mo ní kí n ṣí i lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tí mo gbójú sókè, oòrùn ti wọ pálọ̀. Nígbà tí mo dé Òkukù, gbogbo kíláàsì àgbà ti jókòó láti ìgbà pípẹ́, tábìlì wọn mọ́, ọwọ́ wọn wà lórí itan. Kò sí ẹni tó pariwo. Ọ̀gá wa obìnrin, tí mo jù lọ́jọ́ orí dáadáa, pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó gba báàgì náà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn, sà," kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbá sàn kó bú mi. Àánú ló wà lójú rẹ̀, mi ò sì ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kí ẹnì kan lè máa fi ojú àánú wò mí lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

Mo dé ilé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mi ò bọ́ bàtà. Mo mú ìwé Ẹnjiníà jáde. Ó ní kí n kọ́kọ́ gbé fóònù Màmá jìnnà. Mi ò gbé e jìnnà. Mo fi í sílẹ̀ lórí pẹpẹ, ó yẹ kó wà níbẹ̀. Mo wọ inú fóònù tèmi, mo yan orúkọ yíàpíìsì níbi tí wọ́n kọ àwọn ohun tó so mọ́ ọn sí, mo ní kí ó gbàgbé rẹ̀. Mo fi òsì àti ọ̀tún sínú àpótí, mi ò pa á dé. Mo fi ìka lé àwọn méjèèjì lórí lẹ́ẹ̀kan náà, mo tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìwé ní títí dé mẹ́wàá, kí n má gbé ọwọ́ kúrò títí iná pupa yóò fi ṣẹ́jú lára àwọn méjèèjì.

Ní méje, ọwọ́ mi kúrò.

Mo mú wọn jáde, mo mọ ohun tí n óo rí. Fóònù orí pẹpẹ tàn. Kò tíì gbàgbé. Mo jókòó, mo ń wò ó títí ó fi kú padà. Mo sọ fún un pé, "Má bínú." Mo dá wọn padà, mo tún tẹ̀ wọ́n. Mo ka ẹyọ kan, mo ka èjì, mo pariwo ka mẹ́sàn-án, mo ka mẹ́wàá, mo sì ń kà á lọ títí iná pupa fi ṣẹ́jú lára àwọn méjèèjì pọ̀, tó sì kú.

Mo pa àpótí dé. Mo dúró díẹ̀, mo ṣí i. Ìwé ní kí n mú àwọn méjèèjì jáde papọ̀, kí n má mú ọ̀kan ṣáájú èkejì, torí pé bí wọ́n bá ṣe jáde ni wọn yóò ṣe mọ ara wọn. Mo fi ọwọ́ méjèèjì mú wọn. Iná wọn ń ṣẹ́jú, ṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ti ọ̀kan dúró, ti èkejì ń ṣẹ́jú lọ. Wọ́n ti rí ara wọn nìyẹn. Mo wá orúkọ wọn lórí fóònù mi, mo tẹ̀ ẹ́, mo kì wọ́n bọ etí. Ohùn oníwàásù wọlé láti ọ̀tún àti òsì, ó pàdé láàárín orí mi. Kò sí páànù, kò sí omi, kò sí ìlẹ̀kùn. Mo wo pẹpẹ. Kò tàn. Mo sunkún bí ọmọdé, mi ò sì gbọ́ ẹkún ara mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tètè jáde. N kì í fi nǹkan sétí lójú ọ̀nà, mo máa ń sọ pé kò yẹ olùkọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, mo fi méjèèjì sí i nínú ọkọ̀ Òkukù. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹnì kan fọwọ́ tọ́ mi léjìká. Ìyá oníyọ̀ tí a ti jọ ń wọ ọkọ̀ láti ọdún pípẹ́ ni, ó jókòó tì mí, ó ti ń kí mi látìgbà tí mo ti wọlé, mi ò gbọ́. Mo sáré yọ òsì. Mo bẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Kò sí wàhálà, Tíṣà. Ó pẹ́ tí mo ti ń rí i tí ojú yín fà ro, òní ló tú ká. Kí lẹ ń gbọ́ tó dùn tó báyìí?"

Mo ní ìwàásù ni.

Ó rẹ́rìn-ín, ó sún mọ́ mi, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú mi. "Ẹ fún mi ní ọ̀kan, ká jọ gbọ́."

Òsì wà láàárín ìka mi, oníwàásù ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo wo àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà. Ọwọ́ ènìyàn rere ni. Mo ṣí àpótí funfun, mo dá òsì padà síbẹ̀, mo pa á dé.

Mo ní, "Ẹ má bínú, ìyá. Ẹ̀gbẹ́ òsì ò sọ̀rọ̀."